Ọ̀nà tọ́, ìṣirò kan ló ṣì: máàkì mélòó la máa fún ọmọ yìí?

Olùkọ́ Ìsánlú

Òkun o, gbogbo ilé. Mo kí ẹ̀yin àgbà, mo kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìwé ìdánwò SS1 ló wà níwájú mi, ìbéèrè kan ṣoṣo sì ti sọ èmi àti olùkọ́ tí a jọ pín kíláàsì náà di alátakò. Ìbéèrè ọ̀hún rèé:

(x + 3)/2 − (2x − 1)/5 = 4. Wá x.

Máàkì mẹ́fà la fi sí i. Bí a ṣe kọ́ wọn ni pé kí wọ́n fi 10 sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀, torí pé 2 wọ inú 10, 5 náà sì wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tú àkámọ́, kí wọ́n kó x sọ́dọ̀ x, kí wọ́n kó nọ́ńbà sọ́dọ̀ nọ́ńbà. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

5(x + 3) − 2(2x − 1) = 40
5x + 15 − 4x + 2 = 40
x + 17 = 40
x = 23

Ọmọ kan ṣe ìlà kìíní, ó ṣe ìkejì, kò sí àléébù kankan. Nígbà tó fẹ́ ro 15 pọ̀ mọ́ 2, ó kọ 16. Ló bá kọ x + 16 = 40, ó sì mú x = 24 jáde. Ẹnìkejì mi fi báírò pupa fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí rẹ̀, ó fún un ní 2 nínú 6. Ó ní ìdáhùn ni ìdánwò ń wá, ọmọ yìí ò sì mú ìdáhùn wá. Èmi ò lè fọwọ́ sí 2 yẹn. Ọmọ tó tú −2(2x − 1) tó sì rántí pé +2 ló máa jáde, ọmọ yẹn mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí n kò bá fún un ní 2, kí ni kí n fún un, kí ni mo sì máa fi gbè é lẹ́sẹ̀ tí wọ́n bá bi mí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Tíṣà Ẹ̀gbẹ̀

Òkun o, Àǹtí. Tèmi ò le rárá. Ìdajì ni mo máa ń fún wọn. Tí ìdáhùn bá ṣì, tí mo sì rí i pé iṣẹ́ wà níbẹ̀, 3 nínú 6, ó parí. Kíláàsì mi lé ní ọgọ́rin ọmọ, mi ò lè jókòó ti ìwé kan títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tó dáa nínú rẹ̀ ni pé ojú kan náà ni mo fi ń wo gbogbo wọn. Kò sí ẹni tó máa gbé ìwé rẹ̀ wá pé báwo lẹ ṣe fún lágbájá ní 4 tẹ́ ẹ fún èmi ní 3.

Màmá Mọ̀pà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Inú mi dùn pé mo bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé, torí ohun tó ń dùn mí lọ́kàn gan-an nìyí. Ọmọ mi ṣe JAMB. Ó ní òun ṣe ìṣirò náà dáadáa lórí ìwé tí wọ́n fún wọn, ìparí ló kàn ṣì, ó sì tẹ ìdáhùn tó jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ta la máa kọ̀wé sí kí wọ́n wo iṣẹ́ tó ṣe lórí ìwé yẹn kí wọ́n fún un ní díẹ̀ níbẹ̀?

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ti JAMB yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń sọ níbí. Orí kọ̀ǹpútà ni, ìdáhùn tí ọmọ bá yàn nìkan ni ẹ̀rọ ń wò, ìwé tó fi ro ó kì í dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni tó ń máàkì. Bẹ́ẹ̀ náà ni apá tí wọ́n ti ń yan ìdáhùn nínú WAEC, ìbéèrè 50 ni, o gbà á tàbí o kò gbà á. Apá kejì, níbi tí wọ́n ti ń kọ iṣẹ́ sílẹ̀, nìkan ni ọmọ ti lè rí máàkì gbà bí ìdáhùn rẹ̀ tilẹ̀ ṣì.

Màmá Mọ̀pà

Ó yé mi báyìí. Ẹ ṣé, Olúwa á bù kún yín. N ó jókòó síbí kí n gbọ́ ìyókù, àbúrò rẹ̀ máa kọ WAEC lọ́dún tó ń bọ̀.

Bàbá Tíṣà Kábà

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mo máàkì WAEC pẹ́ kí n tó lọ sinmi, n ó sọ bí a ṣe ń wò ó.

Kí ẹnikẹ́ni tó fi báírò kan ìwé ọmọ kan, a máa ń kọ́kọ́ pàdé. Wọ́n á gbé gáìdì sílẹ̀, a ó jọ jiyàn lórí rẹ̀ títí ohun tí ojú mi rí á fi jẹ́ ohun tí ojú tìrẹ rí. Nínú gáìdì ìṣirò, máàkì kì í ṣe ẹyọ mẹ́fà tí a dà sínú abọ́ kan. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. M wà fún ọ̀nà: ọmọ gbé ìgbésẹ̀ tó yẹ, nọ́ńbà inú rẹ̀ ì báà ṣì. A wà fún ohun tó jáde látinú ìgbésẹ̀ yẹn, pé ó tọ̀nà. Máàkì A máa ń dúró lé M lórí. Ọmọ tí kò bá gba M, kò sí bó ṣe lè gba A tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n pín mẹ́fà Àǹtí yìí bí èmi ì bá ṣe pín in. M kan fún fífi 10 sọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ di púpọ̀, àti 4 apá ọ̀tún. M kan fún títú àkámọ́ méjèèjì. A kan fún 5x + 15 − 4x + 2 = 40. M kan fún kíkó irú kan náà jọ. A kan fún x + 17 = 40. A kan fún 23.

Ẹ wá bá mi wo ọmọ tó kọ 16. Ó gba M, ó gba M, ó gba A, ó gba M torí pé ó kó wọn jọ bó ṣe yẹ. Ó pàdánù A ti 17. Ó ku A ìkẹyìn, ibẹ̀ sì ni ìjà wà. Ẹni tó bá ní 23 ni òun ń wá á yọ ọ́, ọmọ á gba 4. Ẹni tó bá tẹ̀ lé nọ́ńbà ọmọ náà á bi ara rẹ̀ pé: láti x + 16 = 40, ṣé 24 ló yẹ kó jáde? Òun ni. Ọmọ á gba 5. Ní ti ìdánwò kíláàsì, 5 ni èmi á fún un. A ti gba owó ìtanràn 16 lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìlà kẹta. Tí a bá tún gbà á ní ìlà kẹrin, ẹ̀ṣẹ̀ kan la fi jẹ ẹ́ níyà lẹ́ẹ̀mejì. Ní WAEC o, ohun tí gáìdì bá sọ lórí A ìkẹyìn yẹn la ń ṣe, ìfẹ́ ọkàn olùmáàkì kò sí níbẹ̀.

Tíṣà Ẹ̀gbẹ̀, ojú kan náà tí o fi ń wo gbogbo wọn dára, mo gbóríyìn fún ọ. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn: ọmọ tó fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, tó kọ ìlà kìíní, tó wá dákẹ́ síbẹ̀ ńkọ́? Iṣẹ́ wà níbẹ̀, ìdáhùn kò sí. Ṣé 3 náà lo máa fún un, kí òun àti ọmọ tó rìn dé x = 24 di ọgbọọgba?

Tíṣà Ẹ̀gbẹ̀

Bàbá, ẹ ṣeun. Ìyẹn, 1 ni n ó fún un. Mo ti rí ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ìdajì mi kò dọ́gba bí mo ṣe rò. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àkókò ṣì wà níbẹ̀ o. Tí n bá ní kí n máa fi nọ́ńbà ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ìṣirò náà tuntun, ìgbà wo ni n ó parí ọgọ́rin ìwé? Ọmọ kan á kọ 16, èkejì á kọ 18, ẹ̀kẹta á kọ ohun tí mi ò lè kà.

Bàbá Tíṣà Kábà

Kò tó bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tó ṣì kì í pọ̀ lóríṣiríṣi bí ẹ ṣe rò, ibi kan náà ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń ṣubú sí. Kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í máàkì, ìwọ fúnra rẹ ṣe ìbéèrè náà bí ọmọ ṣe lè ṣì í, kó o kọ ohun tó jáde sí ẹ̀gbẹ́ gáìdì rẹ. Ọmọ tó bá tú −2(2x − 1) sí −4x − 2 á ní x + 13 = 40, á sì kọ 27. Ọmọ tó bá gbàgbé láti fi 10 sọ 4 di púpọ̀ á ní x + 17 = 4, á sì kọ −13. Tó o bá ti rí 27, ìlà kejì ni kí ojú rẹ lọ tààrà. Tó o bá rí −13, ìlà kìíní ni. Èyí tí kò bá sí nínú méjèèjì ló ń gba àkókò, wọn kì í sì í pọ̀.

Ohun kan tún wà tó ń ràn mí lọ́wọ́ nínú ìbéèrè yìí gan-an. Apá òsì rẹ̀, tí a bá pa á pọ̀ tán, kò ju (x + 17)/10 lọ. Ẹ wá fi ìdáhùn ọmọ sí i. 24 á fún wa ní 4.1. 27 á fún wa ní 4.4. −13 á fún wa ní 0.4. Ẹ wò ó dáadáa. 4.1 fi 0.1 ju 4 lọ, ẹ fi 10 sọ ọ́ di púpọ̀, 1 ni, òun sì ni 1 tó dín nígbà tó kọ 16 dípò 17. 4.4 fi 0.4 jù ú, 4 ni, torí pé +2 tó di −2 jẹ́ ìyàtọ̀ 4. 0.4 sì jẹ́ 4 tí a fi 10 pín: apá ọ̀tún tí kò rí 10 gbà ló ń fi ara rẹ̀ hàn. Fífi ìdáhùn padà sínú ìbéèrè ń sọ bí àṣìṣe náà ṣe tóbi tó, ó sì ń tọ́ka sí ibi tó ti wọlé.

Kọ́pà Ìyàrà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ àgbà, Bàbá. Òṣogbo ni mo ti wá, ìṣirò ni wọ́n ní kí n máa kọ́ níbí. Ọ̀rọ̀ 0.4 yẹn wọ̀ mí lára gan-an, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni ti ọmọ tó kọ 27. Tí a bá tẹ̀ lé nọ́ńbà rẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe wí, ó gba M, ó gba M, ó pàdánù A ìlà kejì, ó gba M, 13 tẹ̀ lé e dáadáa, 27 tẹ̀ lé e dáadáa. 5 nìyẹn. Òun àti ọmọ tó kọ 16 wá di ẹgbẹ́. Èmi ò gbà pé irú kan náà ni wọ́n. Kò sí ọmọ SS1 tí kò mọ̀ pé 15 àti 2 jẹ́ 17, ọwọ́ ló yọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó kọ −4x − 2 lè jẹ́ ẹni tí kò tíì mọ̀ pé máínọ́ọ̀sì tó wà níta àkámọ́ ní í ṣe pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Àìmọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ọwọ́ tó yọ̀.

Bàbá Tíṣà Kábà

Ọ̀rọ̀ rẹ mọ́gbọ́n dání, Kọ́pà. Bí mo ṣe ń dá wọn mọ̀ ni pé mo máa ń ṣí ìwé ọmọ náà síwájú. Ọwọ́ tó yọ̀ kì í yọ̀ síbi kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tí ìbéèrè mìíràn bá ní −3(y − 2) nínú, kí o lọ wo ohun tó kọ. Tó bá kọ −3y + 6 níbẹ̀, tó wá kọ −4x − 2 níbí, ó mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ló yọ̀. Tó bá kọ −3y − 6 níbẹ̀ náà, ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n máàkì tí n ó fún un kò ní yàtọ̀. M ti títú àkámọ́ ni pé ó mú 2 yẹn kan ohun méjèèjì tó wà nínú àkámọ́, ó sì mú un kàn wọ́n: 4x wà níbẹ̀, 2 wà níbẹ̀. Àmì ló ṣì, A ló sì ń gba ìyà àmì. Ọmọ tí kò mọ̀ ọ́n á tún pàdánù A níbi −3(y − 2), á tún pàdánù rẹ̀ níbòmíràn. Àìmọ̀ rẹ̀ á kó ara rẹ̀ jọ láìjẹ́ pé mo fi kún ìyà rẹ̀ nínú ìbéèrè kan. Ọmọ tó bá kọ 5x + 3 fún 5(x + 3) ni n kò ní fún ní M yẹn, torí 5 kò dé ọ̀dọ̀ 3 rárá.

Kọ́pà Ìyàrà

Mo gbọ́ yín, Bàbá, ẹ má bínú pé mi ò tíì gbà tán. Tó bá jẹ́ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ló ní máínọ́ọ̀sì níwájú àkámọ́ nínú ìdánwò náà ńkọ́? Níbo ni àìmọ̀ rẹ̀ á ti kó ara rẹ̀ jọ? 5 ló máa gbé lọ sílé, á sì rò pé òun mọ̀ ọ́n.

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀

Níbi tí mò ń kọ́ wọn, 4 la ń fún irú ẹ̀. A ti fi ẹnu kò pé àṣìṣe àmì ń mú M àti A lọ pọ̀. Mi ò sọ pé tiwa ló tọ̀nà ju ti Bàbá lọ o. Ohun tí mo mọ̀ ni pé gbogbo wa ń ṣe é bákan náà, a sì kọ ọ́ sínú gáìdì kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá dé ibí yìí, ẹ bá mi wo tèmi. Mo fún wọn ní ìbéèrè ilẹ̀: gígùn ilẹ̀ kan fi mítà 5 ju ìbú rẹ̀ lọ, gbogbo ojú ilẹ̀ náà jẹ́ mítà 84 níbùú lóròó, wá ìbú rẹ̀. Ó yẹ kó di w² + 5w − 84 = 0, kó pín sí (w + 12)(w − 7) = 0, kí ìbú jẹ́ mítà 7. Ọmọ kan yí 84 padà sí 48 nígbà tó ń kọ ọ́. Ọ̀nà rẹ̀ tọ́ títí dé w² + 5w − 48 = 0. Ìyẹn kò ṣeé pín. Ọmọ yìí wá fipá pín in sí (w + 8)(w − 6), ó ní ìbú jẹ́ mítà 6. Ṣé mo lè tẹ̀ lé nọ́ńbà rẹ̀?

Bàbá Tíṣà Kábà

Rárá, níbi ìpín yẹn kò ṣeé tẹ̀ lé. (w + 8)(w − 6), tí o bá tú u, w² + 2w − 48 ló máa jáde. Níbo ni 5w lọ? Ọmọ yìí rí i pé 8 àti 6 fún òun ní 48, kò wá wo àárín. Fún un ní ohun tó kọ dé w² + 5w − 48 = 0, yọ A tó jẹ́ ti 84, kí o sì dá ọwọ́ dúró níbẹ̀. 6 yẹn kò ti inú iṣẹ́ rẹ̀ jáde.

Ká ní ó lo fọ́múlà ni, tó kọ w = (−5 + √217)/2, tó sì mú nǹkan bíi 4.87 jáde, n ó fún un ní gbogbo ìyókù. Iṣẹ́ rẹ̀ tiẹ̀ le ju èyí tí ìbéèrè gbé fún un lọ.

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀

Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí, Bàbá. 48 yẹn ló gbé e lọ síbi tó le. Ká ní kò yí nọ́ńbà padà, ó ṣeé ṣe kó pín 84 bó ṣe yẹ, mo mọ ọmọ náà, ó mọ ìpín. Ẹlòmíràn á tún yí i sí nọ́ńbà tó máa mú kó rọrùn, gáìdì á sì gbè é.

Bàbá Tíṣà Kábà

Ti èyí tó rọrùn, a kì í fún un ní gbogbo ìyókù. Tí àṣìṣe bá sọ w² + 5w − 84 = 0 di w² + 5w = 0, iṣẹ́ tí M wà fún ti lọ, M náà á bá a lọ. Ti ẹni tí àṣìṣe gbé lọ síbi tó le, n kò ní ohun tí mo lè fún un ju ohun tó kọ sílẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ó ń dunni.

Tíṣà Ẹ̀gbẹ̀

Àǹtí Ìsánlú, ẹ ò tíì sọ bóyá ẹ ní ẹni tó kọ −13. Ó dá mi lójú pé wọ́n máa wà.

Olùkọ́ Ìsánlú

Wọ́n wà o, wọ́n sì pọ̀ ju ẹni tó kọ 16 lọ. Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, ẹ ṣeun gan-an. Fún −13, mo rí i pé wọn ò gba M àkọ́kọ́, torí 10 kò dé apá ọ̀tún. Wọ́n tú àkámọ́ dáadáa, M nìyẹn. Wọ́n kó irú kan náà jọ, M nìyẹn. Ti A ni mi ò mọ̀. Ẹnìkejì mi ní 2 ni kí n dá dúró sí.

Ọ̀kan tún wá wà tó ń dà mí lọ́kàn rú ju gbogbo wọn lọ. Ohun tó kọ rèé:

5(x + 3) − 2(2x − 1) = 40
5x + 15 − 4x − 2 = 40
x + 17 = 40
x = 23

Ẹ wo ìlà kejì, −2 ló kọ. Ẹ wo ìlà kẹta, 17 ló kọ. 23 ló sì jáde! Ẹnìkejì mi ti fún un ní 6 nínú 6, ìdáhùn ló kọ́kọ́ wò.

Bàbá Tíṣà Kábà

Fún àwọn −13, èmi á fi A kan kún M méjì yẹn, 3. Apá òsì tí wọ́n tú, 5x + 15 − 4x + 2, tọ̀nà pátápátá, iṣẹ́ wọn sì ni. N kò ní fún wọn ní A méjì ìkẹyìn, torí pé ọ̀nà ló ṣì ní ìlà kìíní, kì í ṣe ìṣirò. Nọ́ńbà tó ti inú ọ̀nà tó ṣì jáde, a kì í tẹ̀ lé e lọ dé òpin. Ṣùgbọ́n tí gáìdì rẹ bá sọ pé A ìlà kejì jẹ́ ti gbogbo ìlà náà pẹ̀lú 40 rẹ̀, 2 tí ẹnìkejì rẹ sọ náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ti ẹni tó kọ 23 yìí, kò lè gba 6 láéláé. M, M, A kò sí fún ìlà kejì. M. Ìlà kẹta, láti ohun tó kọ, 13 ló yẹ kó jáde, 17 kò ti ibẹ̀ wá. A kò sí. 23 sì ti inú 17 yẹn jáde. A kò sí. 3 ni.

Tíṣà Ẹ̀gbẹ̀

Bàbá! Ẹni tó kọ 24 gba 5, ẹni tó kọ 23 tó jẹ́ ìdáhùn gan-an gba 3? Ta ló máa ṣàlàyé ìyẹn fún òbí ọmọ?

Màmá Mọ̀pà

Òbí nìyí o. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ látòkè yìí, ó yé mi. Tí 17 kò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìlà kejì, ó yẹ kí ó sọ ibi tó ti rí i. Ìwé ẹlòmíràn kọ́?

Kọ́pà Ìyàrà

Màmá, ó lè má jẹ́ ìwé ẹlòmíràn. Mo ti ń wò ó. Ọmọ yìí lè ti ro +2 nínú orí rẹ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ kọ −2, kó tún máa fi èyí tó wà lórí ṣiṣẹ́ lọ. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, àṣìkọ ẹyọ kan ló ṣe, kódà kò ṣì ìṣirò kankan. Nígbà náà, 3 ti le jù fún un. 17 yẹn gan-an ni ẹ̀rí rẹ̀. Ẹni tó gbà gbọ́ pé −2 ni á rí 13.

Bàbá Tíṣà Kábà

Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún ṣeé ṣe bí Màmá ṣe wí. Ìwé kan náà ló ń sọ ìtàn méjèèjì, a ò sì lè mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ látinú ìlà mẹ́rin. Ìdí nìyẹn tí a fi ń máàkì ohun tó wà lórí ìwé. Ní WAEC, wọ́n kọ ọ́ síwájú ìbéèrè pé kí ọmọ fi gbogbo ìgbésẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ hàn, àti èyí tó fi gbìyànjú pàápàá. Ohun tó hàn ni mo lè fún ní máàkì.

Kọ́pà Ìyàrà

Ní WAEC, òótọ́ ni, ẹni tó ń máàkì kò rí ọmọ náà rí. Ṣùgbọ́n Àǹtí ń rí i lójoojúmọ́. Kí ló dé tí wọn ò ní pè é kí wọ́n bi í?

Bàbá Tíṣà Kábà

Kí wọ́n pè é, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n máa kọ́ ọ. Kí wọ́n má fi ìdáhùn ẹnu rẹ̀ yí máàkì padà. Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ á gba 5, ẹni tójú ń tì á gba 3.

Ọmọ Gbẹ̀dẹ̀

Èmi fara mọ́ Kọ́pà lórí èyí. Tí ọmọ bá lè ṣe é níwájú mi láìwo ibì kankan, mi ò ní lè fi 3 yẹn sílẹ̀.

Olùkọ́ Ìsánlú

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Èmi àti ẹnìkejì mi ti tún jókòó. Ó ti gbà 5 fún ẹni tó kọ 24, ìtanràn ẹ̀ẹ̀mejì tí Bàbá sọ ló mú un gbà. A fi −13 sí 3, torí gáìdì wa kò dárúkọ 40 ní ìlà kejì. Ti 27, mo ṣí ìwé wọn lọ sí ìbéèrè kẹrin, tí òun náà ní máínọ́ọ̀sì níwájú àkámọ́, bí Bàbá ṣe ní kí n ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn tún ṣì í níbẹ̀, ẹni díẹ̀ gbà á. Èmi fẹ́ fún gbogbo wọn ní 5, ẹnìkejì mi ní 4 ni òun á fún àwọn tó ṣì í lẹ́ẹ̀mejì, a ò tíì rí i yanjú. A máa kọ ọ́ sínú gáìdì ti ìdánwò tó ń bọ̀ kí ọmọ kankan tó jókòó.

Ti ẹni tó kọ 23, mo fi 3 sí i pẹ̀lú pẹ́ńsù. Lọ́jọ́ Ajé, n ó pè é, n ó fún un ní −3(x − 4) kó tú u níwájú mi, kí n tó mọ̀ bóyá báírò ló máa tẹ̀ lé pẹ́ńsù yẹn.